Ìbéèrè àti ìdáhùn: ìdọ́gba rọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ìdí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń já ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà

Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la máa fi ṣe gbogbo ìṣirò ojú ìwé yìí. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ò jìnnà sí tàwọn tó ń fò lóòótọ́. Tọ́ọ̀nù 100 ni lórí ilẹ̀ kó tó gbéra. Nínú rẹ̀, epo kó tọ́ọ̀nù 90, ara rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ (táńkì, ẹ́ńjìnnì, páìpù, wáyà) kó 7, ẹrù tá a fẹ́ gbé lọ sókè sì jẹ́ 3. Tí mo bá sọ pé epo, kẹrosíìnì àti ọ́síjìn olómi tó ń mú un jó ni mo pa pọ̀. Tí mo bá sì pe eré ní kìlómítà 4, kìlómítà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni mò ń wí.

Kí ni ìdọ́gba rọ́kẹ́ẹ̀tì ń sọ gan-an?

Ó ń sọ iye eré tí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè kó jọ kí epo rẹ̀ tó tán. Konstantin Tsiolkovsky, olùkọ́ ìṣirò kan ní Rọ́ṣíà, ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1903, nígbà tí kò tíì sí rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan láyé tó ń fi epo olómi ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
Δv = ve × ln(m0 / m1)
```

`Δv` ni eré tá a máa rí. `ve` ni bí èéfín ṣe ń sáré tó nígbà tó ń tú jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. `m0` ni ìwọ̀n rọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tó kún, `m1` sì ni ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí epo ti gbẹ. Bọ́tìnnì `ln` wà lórí kálíkúlétọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò sáyẹ́ǹsì, ti inú fóònù náà ní in.

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tó fi jó epo ò sí níbẹ̀. Yálà ẹ́ńjìnnì náà tóbi tàbí ó kéré, bí èéfín rẹ̀ bá ń sáré bákan náà, tí `m0` àti `m1` sì bá dọ́gba, eré kan náà ló máa jáde. Ìlọ́po ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀nù 1,000 tó ṣẹ́ku 100 lẹ́yìn tí epo tán kò ní sáré ju ti tọ́ọ̀nù 10 tó ṣẹ́ku 1 lọ.

Ṣé afẹ́fẹ́ ni èéfín náà ń tì?

Rárá o. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń ju òkúta sẹ́yìn, iwájú ni ọkọ̀ rẹ̀ máa sún sí, ì báà jẹ́ pé òkúta yẹn ò kan nǹkan kan. Èéfín ni òkúta rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kódà, afẹ́fẹ́ máa ń dí i lọ́wọ́ ni, a máa tó dé ibẹ̀.

Eré mélòó la nílò kí nǹkan tó lè máa yí ayé po?

Ní nǹkan bíi 200 kìlómítà sókè, kìlómítà 7.8 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gíga ni wàhálà, pé kí a ṣáà ti gòkè dé ibi tí afẹ́fẹ́ tán. Gíga nìkan kò tó. Òòfà ayé ní 200 kìlómítà sókè ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára tó tilẹ̀, nítorí náà ohun tó bá dé ibẹ̀ láìsáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ máa jábọ̀ padà wálẹ̀ ni. Ohun tó ń yí ayé po náà ń ṣubú. Eré rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ló pọ̀ débi pé bó ṣe ń ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n 7.8 ti ọ̀hún kọ́ ni gbogbo owó tá a máa san. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì ń fi apá kan agbára rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dúró kí òòfà má fà á padà, epo tó jó síbẹ̀ ò sì mú eré kankan wá. Tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá dúró sójú kan lókè ilẹ̀, á jó epo rẹ̀ tán pátápátá láìlọ síbì kankan. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń gòkè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tá a bá ro àdánù yìí pọ̀ mọ́ dídí tí afẹ́fẹ́ ń dí i, kìlómítà bíi 1.5 ló máa ń lé. Ìyípo ayé fúnra rẹ̀ lè dá díẹ̀ padà fún ẹni tó bá gbéra lọ sápá ìlà-oòrùn. A máa mú 9.4 gẹ́gẹ́ bí gbèsè tá a gbọ́dọ̀ san tán.

Kí ló dé tá ò kàn ṣe táńkì tó tóbi sí i, ká rọ epo sí i?

Ibi tí ìdọ́gba yẹn ti ń dunni nìyí. Èéfín ẹ́ńjìnnì kẹrosíìnì tó dára máa ń jáde ní bíi kìlómítà 3.2, tá a bá pín in dọ́gba láti ilẹ̀ títí dé òkè. Tẹ́ ẹ bá fi 3.2 sínú ìdọ́gba, ẹ máa rí i pé gbogbo ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá fi kìlómítà 2.2 kún eré rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ti di ìdajì. Ẹ jẹ́ ká bá a lọ. Tọ́ọ̀nù 100 gbéra. Nígbà tó rí 2.2, ó ku 50. Nígbà tó rí 4.4, ó ku 25. Ní 6.7, ó ku 12.5. Ní 8.9, ó ku 6.25. Ìdajì kìlómítà tó ṣẹ́ kù ká tó dé 9.4 máa jẹ ẹ́ wá sí 5.3.

Tọ́ọ̀nù 5.3 nínú 100 ni gbogbo ohun tó lè délé. Táńkì wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, ẹrù náà wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá wá sọ pé kí a sọ epo di ìlọ́po méjì, ẹ rán an létí pé epo tuntun yẹn ní láti wà nínú táńkì, táńkì yẹn ní ìwọ̀n, ẹ́ńjìnnì tó lè gbé gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ sì ní láti lágbára ní ìlọ́po méjì. Ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ń dàgbà bí epo ṣe ń dàgbà. Ìlọ́po tó wà láàárín `m0` àti `m1` ò wá fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi tó wà. Epo tá a rọ kún un, epo àkọ́kọ́ ló máa fi púpọ̀ nínú rẹ̀ gbé.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀nù 100 wa ńkọ́? Ibo ló máa bá a dé ní odindi?

Epo rẹ̀ jẹ́ 90, nítorí náà tọ́ọ̀nù 10 ló máa ṣẹ́ kù: ara 7, ẹrù 3. Ọgọ́rùn-ún tí a fi mẹ́wàá pín jẹ́ 10. `ln` 10 jẹ́ 2.30. Fi 3.2 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di kìlómítà 7.37. Gbèsè wa jẹ́ 9.4. A kò dé ibẹ̀ rárá, òkun ló máa já sí.

Ẹ jẹ́ ká wá kó ẹrù náà sílẹ̀ pátápátá, ká fi tọ́ọ̀nù 3 yẹn rọ epo sí i. Ara nìkan ló máa ṣẹ́ kù, tọ́ọ̀nù 7. Eré tó máa jáde jẹ́ 8.5. Òfìfo rọ́kẹ́ẹ̀tì, tí kò gbé ohunkóhun, kò lè débẹ̀.

Tá a bá wá pín in sí ìpele méjì?

A ò ní fi ẹyọ kílò kan kún un o. Epo ṣì jẹ́ 90, ara ṣì jẹ́ 7, ẹrù ṣì jẹ́ 3. Ohun tá a máa ṣe ni pé ká pín epo àti ara náà sọ́nà méjì, kí ọ̀kan jókòó lórí èkejì. Ìpele ìsàlẹ̀ gba epo 75 àti ara 5.5. Ìpele òkè gba epo 15 àti ara 1.5, ẹrù wa sì wà lórí rẹ̀.

Ìpele ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó gbé tọ́ọ̀nù 100 gbéra, ó jó 75, ó ku 25. Ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 4, eré tó mú wá sì jẹ́ 4.44. A wá jù ú sílẹ̀, òun àti ara rẹ̀ tọ́ọ̀nù 5.5. Ohun tó ṣẹ́ kù lókè jẹ́ 19.5, ìyẹn epo 15, ara 1.5 àti ẹrù 3. Nígbà tí ìpele òkè bá jó epo rẹ̀ tán, 4.5 ló máa kù. Ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 4.33, eré rẹ̀ sì jẹ́ 4.69. Ẹ pa méjèèjì pọ̀: 9.13.

Láti 7.37 sí 9.13, láìfi ohunkóhun kún un. Ó ṣì ku díẹ̀ ká tó dé 9.4, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn kò le mọ́.

Níbo ni eré yẹn ti wá nígbà tí epo ò pọ̀ sí i?

Láti ara táńkì òfìfo ni. Nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì odindi, àwọn epo tó kẹ́yìn jó ń ti tọ́ọ̀nù 7 ara rọ́kẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ara yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Táńkì tó gba tọ́ọ̀nù 75 epo ò wúlò fún nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn tí 75 yẹn ti jó. Ẹ́ńjìnnì ńlá tó gbé tọ́ọ̀nù 100 nílẹ̀ náà ò wúlò mọ́ nígbà tí ohun tó kù ò tó 20. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó fún un.

Ẹ wo Saturn V tó gbé àwọn ènìyàn lọ sí Òṣùpá. Ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́ jó epo tó ju tọ́ọ̀nù 2,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nígbà tó tán, ohun tó kù jẹ́ agolo irin tó wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù 130. Ta ló fẹ́ máa ru irú rẹ̀ lọ?

Èrè kejì tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà, òun ló sì máa san ìyókù gbèsè wa. Ẹnu ẹ́ńjìnnì, ibi tó ṣe bí agogo tí èéfín ń gbà jáde, ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́ níbi kọ̀ọ̀kan. Nílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta, ẹnu tó bá fẹ̀ jù máa jẹ́ kí èéfín já kúrò lára ògiri rẹ̀, á máa gbọ̀n, ó sì lè fọ́. Lókè tí afẹ́fẹ́ ò sí, bí ẹnu náà bá ṣe fẹ̀ tó ni èéfín ṣe ń ráyè gbòòrò tó, tó sì ń sáré tó. Rọ́kẹ́ẹ̀tì odindi kan gbọ́dọ̀ lo ẹnu kan náà láti ilẹ̀ títí dókè. Ìpele òkè tiwa ò ní bá ilẹ̀ ṣe, nítorí náà a lè fún un lẹ́nu fífẹ̀. Èéfín kẹrosíìnì á wá máa jáde ní 3.4. Ẹ tún ìṣirò ìpele kejì ṣe: 4.69 di 4.98. Àpapọ̀ di 9.42.

A ti dé ọ̀nà ìyípo, tọ́ọ̀nù 3 ẹrù wa sì wà lọ́wọ́ wa.

Tí ìpele méjì bá dára tó báyìí, ẹ ò ṣe mẹ́wàá?

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú mẹ́ta ná, pẹ̀lú èéfín 3.2 káàkiri kó lè dọ́gba. Mo pín epo 90 náà sí 62, 21 àti 7. Mo pín ara 7 náà sí 4.5, 1.7 àti 0.8. Àpapọ̀ eré tó jáde jẹ́ 9.59. Ìpele kejì mú 1.76 wá fún wa, ìkẹta mú 0.46 wá. Ìkẹrin á tún kéré sí i.

Ìṣirò mi sì ṣàánú ìpele kẹta yẹn, nítorí mo díbọ́n pé àpapọ̀ ara ò yí padà. Ní tòótọ́, ìpele kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, páìpù tiẹ̀, àti òrùka tó so ó mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, táńkì kékeré sì máa ń wúwo ju ti ńlá lọ tá a bá fi wé epo tó ń gbà. Ohun mìíràn ni pé gbogbo ìyapa jẹ́ ibi tí iṣẹ́ lè dàrú. Mo gbà pé ìdí kejì yìí ló wúwo jù nínú ọkàn àwọn tó ń kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe, mẹ́ta fún ẹni tó ń lọ jìnnà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n bá ń yapa?

Ìpele ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n á dúró díẹ̀. Bóòtù tí wọ́n fi ẹ̀tù sí nínú á bú, tàbí kí ìdè tí atẹ́gùn ń ṣí já, ohun tó ń tì wọ́n síta á sì ti ìpele méjèèjì kúrò lára wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì òkè á tó tanná.

Láàárín àkókò yẹn, ohun kan wà tó máa ń dààmú wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, epo ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì. Tó bá kú, kò sí ohun tó ń tẹ epo mọ́lẹ̀ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó káàkiri inú táńkì. Tí ẹ́ńjìnnì òkè bá tanná nígbà yẹn, ó lè fa atẹ́gùn dípò epo, kí ẹ̀rọ tó ń fa epo sì yí kọjá ààlà kó sì bàjẹ́. Saturn V ní àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń fi ẹ̀tù ṣiṣẹ́, tó ń ti ìpele òkè síwájú fún ìgbà díẹ̀ kí epo lè jókòó. Àwọn ará Rọ́ṣíà yan ọ̀nà mìíràn fún Soyuz: ẹ́ńjìnnì òkè máa ń tanná kí ti ìsàlẹ̀ tó kú pátápátá, iná rẹ̀ sì ń gba àárín irin aláfo tó so wọ́n pọ̀ jáde. Epo ò rí àyè léfòó rárá.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ ibi tó ti bàjẹ́.

Ìfò kẹta Falcon 1, ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, ló wù mí jù láti sọ, nítorí pé ohun tó bà á jẹ́ kéré púpọ̀. Láti erékùṣù Omelek ní Òkun Pàsífíìkì ni ó ti gbéra. Ìpele àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa títí tí epo rẹ̀ fi tán. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ìpele méjèèjì yapa, ìpele ìsàlẹ̀ sì sáré bá ìpele òkè, ó kọ lù ú láti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìrìnàjò náà parí sí.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà jẹ́ irú tuntun. Epo máa ń gba inú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ògiri ẹ́ńjìnnì kọjá láti tù ú kó tó lọ jó. Nígbà tí wọ́n pa á, epo tó kù nínú àwọn ihò yẹn ṣì ń ro sínú yàrá iná, ó sì ń mú ìtì díẹ̀ wá. Díẹ̀ yẹn ti tó, nítorí pé ìpele ìsàlẹ̀ ti fúyẹ́, kò sì sí afẹ́fẹ́ tó máa dá a dúró.

Kí ló dé tí wọn ò fi rí i nígbà tí wọ́n dán an wò nílẹ̀? Agbára tó kù nínú yàrá iná yẹn kéré sí ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Nílẹ̀, afẹ́fẹ́ bo ìtì kékeré náà mọ́lẹ̀, ó dà bíi pé ẹ́ńjìnnì ti kú fin-ín. Lókè tí afẹ́fẹ́ ò sí ni àṣírí tó tú.

Ohun tí wọ́n ṣe láti tún un ṣe ò ju pé kí wọ́n fi àkókò díẹ̀ kún un láàárín ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kú àti ìgbà tí ìpele yapa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ìfò kẹrin dé ọ̀nà ìyípo.

Ǹjẹ́ ọ̀nà wà láti yẹra fún títanná lókè?

Ó wà, àwọn àgbà iṣẹ́ yìí sì lò ó. R-7, tó gbé Sputnik lọ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1957, ní rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àárín. Márààrún ló tanná lórí ilẹ̀, níbi tí ojú ti lè rí wọn, nítorí pé ọkàn àwọn tó kọ́ ọ ò tíì balẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì lè tanná lókè. Mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ yẹn á kọ́kọ́ tán, wọ́n á já bọ́, ti àárín á máa bá iṣẹ́ lọ.

Atlas ti Amẹ́ríkà ṣe ohun tó tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Táńkì kan ni ó ní, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mẹ́ta. Gbogbo wọn tanná nílẹ̀, ó sì já méjì nínú wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Irin táńkì rẹ̀ tín-ín-rín débi pé tí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá jò, á rún wọlé lábẹ́ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó gbé John Glenn lọ yí ayé po ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1962. Èyí ni ibi tó sún mọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì odindi jù lọ nínú àwọn tó gbé ènìyàn débẹ̀, ó sì tún ní láti já nǹkan sílẹ̀.

Háídírójìn ńkọ́? Mo gbọ́ pé èéfín rẹ̀ ń sáré jù.

Òótọ́ ni. Ó ń dé 4.4. Tẹ́ ẹ bá fi sínú ìdọ́gba, tọ́ọ̀nù bíi 11.8 nínú 100 ló lè délé dípò 5.3. Lórí bébà, rọ́kẹ́ẹ̀tì odindi ti ṣeé ṣe nìyẹn.

Ìṣòro ni pé háídírójìn olómi fúyẹ́ bí òwú. Lítà kan rẹ̀ ò wúwo tó gíráàmù 75, nígbà tí lítà kẹrosíìnì kan wúwo tó bíi 800. Táńkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi gan-an, kí ó sì ní aṣọ tó ń dí ooru, nítorí òtútù rẹ̀ fi bíi ogún dígíríì péré ju ibi tí òtútù láyé parí sí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èrè èéfín ṣe ń wọlé, táńkì sì ń gbà á jáde. NASA gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú X-33. Lọ́dún 1999, táńkì háídírójìn tí wọ́n fi okùn kábọ́ọ̀nù àti gọ́ọ̀mù ṣe ya nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà lọ́dún 2001, kò fò rí.

Àwọn ìpele tó ń padà wá gúnlẹ̀ báyìí, ṣé epo tí wọ́n fi ń padà ò ba ìṣirò jẹ́?

Ó ń jẹ nínú ẹrù, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ rò, ìdí rẹ̀ sì wà nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ fi 300 kílò kún ara ìpele òkè, bóyá fún ẹsẹ̀ tí á fi gúnlẹ̀. Ìpele yẹn àti ẹrù jọ ń dé òpin ìrìnàjò ni, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ yọ 300 kílò kúrò nínú ẹrù, kílò fún kílò. Ẹ wá fi 300 kílò kan náà kún ìpele ìsàlẹ̀. Eré tó sọnù ò tó kìlómítà 0.03, tẹ́ ẹ bá sì yọ bíi 40 kílò nínú ẹrù, ẹ ti rí i gbà padà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ ni Falcon 9 kọ́kọ́ mú padà wálẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 2015, tí ìpele òkè rẹ̀ sì ń ṣòfò títí di òní. Ìpele ìsàlẹ̀ kò tíì sáré púpọ̀ nígbà tó bá yapa, ooru afẹ́fẹ́ tó máa bá pàdé nígbà tó bá ń bọ̀ kò sì le tó ti ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ìyípo. Ti òkè ní láti gbé apata tó ń dí ooru, ẹrù ló sì máa san gbogbo kílò rẹ̀.

Àwọn tó kúrò lórí Òṣùpá ńkọ́? Wọn ò ní ìpele méjì.

Wọn ò nílò rẹ̀. Láti ilẹ̀ Òṣùpá dé ọ̀nà ìyípo rẹ̀, kìlómítà bíi 1.8 ni gbogbo gbèsè, kò sì sí afẹ́fẹ́ tó máa dí ènìyàn lọ́wọ́. Èéfín ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ Apollo fi ń gbéra níbẹ̀ ń jáde ní bíi 3. Ẹ fi wọ́n sínú ìdọ́gba, ìlọ́po tó jáde jẹ́ 1.8 péré. Ọkọ̀ náà ò ju tọ́ọ̀nù 5 lọ, epo rẹ̀ sì jẹ́ bí ìdajì rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi gúnlẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì ìgúnlẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí Òṣùpá.